Bí mo ṣe la òfin bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni-márùn-ún yé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tuntun

Bí ènìyàn tuntun bá wọ ẹgbẹ́ wa, kápítẹ̀nì ló ń kí wọn káàbọ̀, òun náà ló sì ń la òfin eré yé wọn kí bọ́ọ̀lù tó yí. Orí pápá ni mo ti ṣe é, ní Surulere, lórí koríko àtọwọ́dá tí a ń háyà ní wákàtí-wákàtí. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó. Òfin tí ènìyàn bá gbọ́ níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìlà gan-an kì í tètè gbàgbé, nítorí náà mo gbé bọ́ọ̀lù kan dání, mo sì ní kí gbogbo wọn máa tẹ̀ lé mi kiri.

Bàtà ni mo kọ́kọ́ wò. Bàtà tí ó ní irin gígùn nísàlẹ̀ kò wọ orí koríko àtọwọ́dá. Irin náà máa ń há sínú koríko nígbà tí ara bá ń yí, orúnkún ni yóò sì gba ìyókù ìyí náà. Bàtà tí rọ́bà kéékèèké pọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ ló dára. Mo ní kí wọ́n bọ́ òrùka, ẹ̀gbà ọrùn àti aago, kí wọ́n sì fi ìdáàbòbo ojúgun sínú ìbọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ará wa, ẹ káàbọ̀. Ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni-mọ́kànlá rí, tàbí tó gbá mọ́ńkí-pósì dàgbà ládùúgbò, ti mọ bọ́ọ̀lù, n kò ní kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù. Àmọ́ ohun mẹ́ta máa ṣe é ní àjèjì níbí: bọ́kìsì aṣọ́lé, gíga bọ́ọ̀lù, àti bí a ṣe ń dá bọ́ọ̀lù padà sínú eré. Lórí àwọn mẹ́ta yìí ni fèrè rẹfirí ti máa ń dún jù."

Mo kó wọn lọ sí iwájú ilé. Ìlà funfun kan yí ilé náà po bí òṣùpá tó dé ìlàjì. Èyí ni bọ́kìsì. Mo ní kí aṣọ́lé wa dúró sínú rẹ̀, kí gbogbo àwọn yòókù sì tò sí ẹ̀yìn ìlà. Mo wá sọ fún wọn pé bí eré ṣe máa rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nìyí: aṣọ́lé kì í jáde, ẹlòmíràn kì í wọlé. Ìlà náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ara bọ́kìsì. Bọ́ọ̀lù tó bá kan ìlà, aṣọ́lé nìkan ló ni ín. Ẹni tó bá ti gbá fútsáàlì rí, ìyẹn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni-márùn-ún ti inú gbọ̀ngàn, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí, nítorí nínú òfin fútsáàlì ti FIFA, aṣọ́lé lè jáde, àwọn yòókù náà sì lè wọ bọ́kìsì bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ìjìyà rẹ̀ kò dọ́gba, mo sì rí i pé ibẹ̀ ló yẹ kí n fara balẹ̀ sí. Bí agbábọ́ọ̀lù tó ń kọlu ilé bá wọ bọ́kìsì, aṣọ́lé á gba bọ́ọ̀lù, eré á máa lọ. Bí ẹni tó ń dáàbò bo ilé rẹ̀ bá wọ inú rẹ̀ kí ó lè rí àǹfààní níbẹ̀, pẹnáritì ni. Bí aṣọ́lé bá mọ̀ọ́mọ̀ jáde, pẹnáritì náà ni. Bó bá jẹ́ pé eré ìje tó fi mú bọ́ọ̀lù ló gbé e kọjá ìlà, àwọn alátakò á gba fìríkíìkì níbi tó jáde sí. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù láti ìta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọjá ìlà lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti lọ tán, kò ṣẹ̀.

Mo wá gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ sínú bọ́kìsì, bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sí ìlà. Mo ní kí aṣọ́lé lọ dúró sí òpó kejì, kó jìnnà sí i. Mo pe ẹnìkan nínú àwọn tuntun pé kó ṣe ẹni tó ń dáàbò bo ilé, mo sì ní kí ẹlòmíràn máa sáré bọ̀ láti ọ̀dọ̀ alátakò. Kí ni wọ́n máa ṣe? Bí mo ṣe rò, ẹni tó ń dáàbò bo ilé na ẹsẹ̀ wọ bọ́kìsì, ó sì gbá bọ́ọ̀lù dànù. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni-mọ́kànlá, àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́ fún un. Níbí, ó ti fún alátakò ní pẹnáritì lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bọ́ọ̀lù yẹn wò," mo sọ fún un. "Ta ló lè fọwọ́ kàn án? Ẹni tó ń sáré bọ̀ yẹn kò lè wọlé wá gbá a. Bọ́ọ̀lù tó bá dúró sínú bọ́kìsì kò lè ṣe yín ní ibi kankan. Ẹ fi í sílẹ̀ fún kíípà."

Iṣẹ́ ẹni tó ń dáàbò bo ilé nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni kí ó yíjú kúrò lára bọ́ọ̀lù náà, kí ó wá ibi tí kíípà ti lè rí òun, kí ó sì pariwo "Kíípà!" kí aṣọ́lé lè mọ̀ pé òun ni wọ́n ń dúró dè. A tún un ṣe. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kò nà mọ́.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sórí gíga bọ́ọ̀lù, nítorí ilé náà ṣì wà níwájú wọn. Òfin tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là sílẹ̀ fún irú eré yìí fi ìbú ilé sí mítà 4.88, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.22. Ìlàjì gíga ilé ńlá ni, nítorí mítà 2.44 ni ti ilé ńlá. Ilé kúkurú báyìí kò nílò bọ́ọ̀lù òkè. Ohun tí bọ́ọ̀lù òkè máa ń fà lórí pápá kékeré ni kí orí kọlu orí, tàbí kí bọ́ọ̀lù ré kọjá àwọ̀n lọ sójú títì nígbà tí owó wákàtí ṣì ń lọ. Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ ga ju orí lọ. Kí orí ẹni gíga àti ti ẹni kúkúrú má baà di àríyànjiyàn, a so tépù pupa mọ́ àwọn òpó àwọ̀n yíká pápá, ní mítà 1.80 sí ilẹ̀. Tépù ni rẹfirí ń wò.

Bọ́ọ̀lù tó bá kọjá tépù, fìríkíìkì ni fún àwọn alátakò, níbi tó ti kọjá rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn tuntun kì í rò ni pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi agbára tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó wá ta sókè, ẹ̀bi ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni. Bọ́ọ̀lù tí ara aṣọ́lé dá padà sókè nìkan ni a yọ̀ǹda fún: eré ń lọ, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fara kàn án títí yóò fi wá sísàlẹ̀ tépù. Aṣọ́lé pàápàá kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù láti èjìká. Ó gbọ́dọ̀ yí i nílẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá sì gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ aṣọ́lé kò lè dá a padà fún un ní tààrà. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fara kàn án. Láìsí òfin yìí, ikọ̀ tó ń borí á kàn máa fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra wọn láàárín ènìyàn méjì títí àkókò á fi tán.

Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ pápá, mo fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́ orí ìlà. Kò sí jíju bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọwọ́ níbí. Ẹsẹ̀ ni a fi ń dá a padà, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ lórí ìlà, alátakò sì gbọ́dọ̀ fi mítà 3 sílẹ̀, èyí tó tó ìṣísẹ̀ gígùn mẹ́ta. A yá ìṣẹ́jú-àáyá 4 lára òfin fútsáàlì: rẹfirí á na ọwọ́ sókè, á máa fi ìka kà á. Bí mẹ́rin bá pé tí bọ́ọ̀lù kò tíì kúrò, ó di ti àwọn alátakò. Góòlù tí ẹnìkan bá gbá wọlé ní tààrà láti orí ìlà yìí kò jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tó ti gbá a rí ní Lọ́ńdọ̀nù béèrè bóyá bọ́ọ̀lù tó bá lu ẹ̀gbẹ́ pápá ṣì wà nínú eré. Lóòótọ́, àwọn pápá tí wọ́n fi pákó yí ká wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù á lu pákó, eré á máa lọ. Àwọ̀n ló yí tiwa ká, kì í ṣe pákó. Ìlà ni òpin.

N kò pẹ́ lórí fáùlù. Ẹni tó bá fi ìdí yọ̀ nílẹ̀ láti gba bọ́ọ̀lù ti ṣẹ̀, kódà bí kò bá kan ẹnikẹ́ni, nítorí koríko àtọwọ́dá máa ń bó awọ ara, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì há kò ní ibi tó máa sá sí lórí pápá kékeré. Aṣọ́lé nìkan ló lè yọ̀ nílẹ̀, nínú bọ́kìsì rẹ̀. Kò sí ọ́fúsáìdì rárá. Ẹ lè dúró sí iwájú bọ́kìsì alátakò títí ilẹ̀ á fi ṣú, àmọ́ ẹ rántí pé mẹ́rin péré ni yín yàtọ̀ sí kíípà, àwọn mẹ́ta yòókù ló máa jìyà rẹ̀.

Ètò pípààrọ̀ ènìyàn ni mo fi kádìí rẹ̀. Kò sí iye tí a kò lè pààrọ̀, ẹni tó ti jáde lè padà wọlé. Àárín pápá ni a ti ń ṣe é: ẹni tó ń jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá ìlà kí ẹni tó ń wọlé tó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá di mẹ́fà lórí pápá, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ìṣísẹ̀ méjì, fìríkíìkì ni fún alátakò. Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ aṣọ́lé gbọ́dọ̀ sọ fún rẹfirí, nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dúró.

Ẹni 15 ni wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, èyí tó jẹ́ sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Góòlù 2 tàbí ìṣẹ́jú 10, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ló ń parí eré kan. Ẹni tó borí dúró. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, àwọn tó ti pẹ́ jù lórí pápá ló ń jáde. Sẹ́ẹ̀tì tó bá borí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra gbọ́dọ̀ sinmi, kí àwọn tí kò tíì móoru má baà lo gbogbo wákàtí lórí ìjókòó.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo tún gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní wà lórí ìlà bọ́kìsì: wọ́n ní ti kíípà ni, wọ́n gbà á. Fún èkejì, mo ní kí aṣọ́lé yí bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ rẹ̀ títí dé inú ilé kejì láìkan ẹnikẹ́ni. Àwọn kan pariwo "Góòlù!" Kò rí bẹ́ẹ̀. Góòlù tó bá ti ọwọ́ aṣọ́lé wá kò jẹ́ lọ́dọ̀ wa, aṣọ́lé kejì ló máa gba bọ́ọ̀lù. Mo pe sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ jáde, rẹfirí sì fọn fèrè.