Bí mo ṣe fi fọ́tò yẹ àgbàdo ẹ̀gbọ́n mi wò kó tó wọ àká

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí láti Ìyàrá kò gùn: nínú àgbàdo òjò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, èwo ló lè dúró ní àká títí di ọ̀gbẹlẹ̀, èwo ni kí wọ́n tètè tà, èwo sì ni kí wọ́n dà nù? Kàbà ni mo wà. Òjò ò tíì jẹ́ kí nǹkan gbẹ, àgbàdo tó ti wà nílẹ̀ kò sì ní dúró dè mí kí n tó ráyè lọ. Fóònù la fi ṣe é. Ọmọ wọn obìnrin ló ń ya fọ́tò, èmi ni mò ń wò ó.

Fọ́tò tó kọ́kọ́ dé jẹ́ ti òkìtì àgbàdo tí wọ́n ti bó, lórí tapólì búlúù, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Kò ṣeé dá ẹjọ́ lé. Tapólì búlúù máa ń ta àwọ̀ rẹ̀ sára ohun tó wà lórí rẹ̀, oòrùn a sì máa mú kí hóró kọ mànà funfun, tí èèyàn á fi rò pé ó bu. Èyí tó dùn mí jù ni ti háríhá tí wọ́n ti bó sọnù, torí ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí háríhá ṣe bo àgbàdo ló ń sọ ibi tí omi àti kòkòrò gbà wọlé. Bí a bá ti bó o tán, ohun tó bàjẹ́ nìkan là ń rí, a kò rí ọ̀nà tó gbà bàjẹ́.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ẹ kò tíì bó ńkọ́?" Wọ́n ní ó ṣì kún inú yàrá kan. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú mẹ́wàá níbẹ̀: díẹ̀ lókè òkìtì, díẹ̀ láàárín, díẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, kí wọ́n má sì ṣe ṣa èyí tó wuyì. Kí wọ́n dojú àpò ìrẹsì délẹ̀ kí inú rẹ̀ tó funfun wà lókè, kí wọ́n tò wọ́n sórí rẹ̀ níbi òjìji ara ilé. Mo kìlọ̀ pé kó má jẹ́ abẹ́ máńgòrò, torí ìmọ́lẹ̀ tó gba inú ewé kọjá máa ń ní àwọ̀ ewé nínú, àwọ̀ ewé yẹn gan-an sì ni mo fẹ́ wá lára àgbàdo. Kí ọmọ kọ nọ́ńbà 1 dé 10 sórí bébà, kó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìdí àgbàdo, kó sì fi rúlà lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Fọ́tò kan kí wọ́n tó bó o. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ya háríhá wálẹ̀ láìjá a kúrò ní ìdí, kí nọ́ńbà má yẹ̀, kó tún yà á. Kó yí àgbàdo po, kó yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Kó wá sún mọ́ orí àti ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó fi wọ́n ránṣẹ́ lórí Wasáàpù gẹ́gẹ́ bíi Document, torí Wasáàpù máa ń fún fọ́tò lásán pọ̀, àmì wẹ́wẹ́ tí mò ń wá á sì di rúdurùdu.

Nígbà tí wọ́n dé, àpò ìrẹsì ni mo kọ́kọ́ wò, kì í ṣe àgbàdo. Ó funfun bó ṣe yẹ, nítorí náà àwọ̀ tó kù ṣeé gbà gbọ́.

Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, háríhá nìkan ni mo wò. Àwọn tó ń ṣe irúgbìn máa ń fún un ní máàkì láti 1 dé 5: 1 ni èyí tí háríhá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn pinpin tó sì gùn kọjá orí, 5 ni èyí tí orí rẹ̀ wà níhòòhò. Púpọ̀ nínú mẹ́wàá yìí dáa, 1 tàbí 2 ni mo fún wọn. Èkẹta àti ìkẹjọ dì dé orí ṣùgbọ́n háríhá wọn tú díẹ̀, mo fún wọn ní 3. Ìkẹrin àti ìkẹsàn-án ni orí wọn yọ síta pátápátá. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó ṣí fọ́tò kejì, torí bí mo bá ti rí hóró tó dára, ojú mi á máa gbèjà háríhá rẹ̀.

Ìkẹsàn-án ló kọ́kọ́ gbà mí lójú nínú fọ́tò kejì. Òun ló tóbi jù, hóró kún un láti ìdí dé ṣóńṣó orí, kò sí àlàfo kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ lórí fóònù pé èyí ni àwọn máa fi ṣe irúgbìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fa orí rẹ̀ sún mọ́ ojú, ihò róbótó róbótó wà lára hóró mẹ́ta. Iṣẹ́ kòkòrò dúdú onímú gígùn tó máa ń jẹ àgbàdo nínú àká ni, oko ló sì ti bá a wá. Àgbàdo náà dàgbà kọjá háríhá rẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá fún háríhá pa ní kékeré, tí òjò wá dé nígbà tí hóró ń kún, irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Àwọn irúgbìn mìíràn sì wà tí háríhá wọn kúrú láti ilẹ̀ wá. Kíkún rẹ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n kò ní bá wọn dé Kérésìmesì nínú àká.

Ìkejì yàtọ̀ sí i pátápátá. Háríhá rẹ̀ dì pinpin, ara rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pá. Mo fi rúlà inú fọ́tò wọ̀n ọ́n: gbogbo gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18, ibi tí kò ní hóró jẹ́ 3. Hóró wà lára sẹ̀ǹtímítà 15 nínú 18, ìyẹn bí 83 nínú ọgọ́rùn-ún. Hóró kọ̀ọ̀kan ló ní irun tirẹ̀, irun yẹn ló sì gbọ́dọ̀ gba lẹ́búlẹ́bú tó ń jábọ́ láti orí igi àgbàdo. Irun ti ìdí ló ń kọ́kọ́ jáde, ti orí ló ń kẹ́yìn. Bí oòrùn bá mú àgbàdo nígbà tó ń yọ irun, irun ti orí á pẹ́, lẹ́búlẹ́bú á sì ti tán kó tó dé. Bí ibi tó pá náà bá dán lásán, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bí hóró wẹ́wẹ́ tó rún wà níbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú dé ibẹ̀, oúnjẹ ni kò tó: omi tàbí ajílẹ̀ ló wọ́n lẹ́yìn náà. Hóró wẹ́wẹ́ rírún ni mo rí lórí ìkejì. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè, wọ́n ní ajílẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì kò kárí oko náà. Àgbàdo yìí fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe é nínú àká. Àìkún kì í ṣe àìsàn.

Ìkẹrin ni àìsàn wà. Orí rẹ̀ tó yọ síta náà ni ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n díẹ̀ jókòó sí láàárín hóró. Irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ mọ́ olú tí wọ́n ń pè ní Asipajílọ́ọ̀sì, òun ló sì ń ṣe májèlé afilatọ́síìnì. Ìkarùn-ún ní tirẹ̀ ní òwú funfun tó fẹ́ jọ pupa rẹ́súrẹ́sú lára hóró tó fọ́n káàkiri, ihò kòkòrò sì wà nítòsí wọn. Lára hóró mìíràn ilà funfun tínńtín ń yà láti orí hóró wálẹ̀. Olú mìíràn tó ń jẹ́ Fusaríọ́ọ̀mù ni mo kà á sí. Ó ń bá ihò kòkòrò rìn, ìdí nìyí tí kò fi bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan.

Ìkeje ló fẹ́ tàn mí. Háríhá rẹ̀ gba 1, orí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n funfun kan wà ní ìdí rẹ̀. Ṣé ó bu ni, àbí ìmọ́lẹ̀ ló ń kọ níbẹ̀? Mo wo fọ́tò tí wọ́n yí i po. Ohun tó ń kọ mànà máa ń ṣí kúrò bí àgbàdo bá yí. Ohun tó bu á wà lára hóró kan náà. Funfun yìí kò kúrò, ó ń gun òkè láti ìdí, ó sì ti ń di eérú. Fọ́tò kò lè wọn ìwúwo, nítorí náà mo ní kí ọmọ gbé e sọ́wọ́ kan, kó gbé ìkẹfà tí gígùn wọn jọra sọ́wọ́ kejì. Ó ní ìkeje fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá. Wọ́n dá a sí méjì, wọ́n ya fọ́tò ibi tó dá: àmì dúdú wẹ́wẹ́ kún ìdí hóró. Èyí ni olú tí wọ́n ń pè ní Dipilódíà, ìdí ló máa ń gbà wọlé lọ́pọ̀ ìgbà, háríhá tó dì pinpin kò sì dí ọ̀nà náà. Nítorí rẹ̀ ni mo fi ń ní kí wọ́n ya fọ́tò ìdí.

Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí: ìkẹrin, ìkarùn-ún àti ìkeje, kí wọ́n dà wọ́n nù lódindi, kí wọ́n má gé ibi tó bu kí wọ́n sì lo ìyókù, kí wọ́n má sì fún adìyẹ. Ìkẹsàn-án, kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n ṣa hóró tó nihò kúrò, kí wọ́n sá a, kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tàbí tà á. Èkẹta àti ìkẹjọ mọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n tò ó síwájú àká, níbi tí ọwọ́ á ti tètè tó o. Èyí tó kù, títí kan ìkejì olórí pípá, lè wọlé pẹ̀lú háríhá lára.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ti bàjẹ́ nìyẹn?" Mo ní rárá, Bọ̀dá. Mẹ́wàá kéré jù láti fi mọ iye tó bàjẹ́ nínú yàrá kan. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́wàá, ó sì lè jẹ́ ìdajì. Irú ìbàjẹ́ tó wà níbẹ̀ ni ó fi hàn wá, ìyẹn sì tó láti mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ la máa ṣa, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tún sọ fún wọn pé fọ́tò kò rí afilatọ́síìnì. Ó lè wà nínú hóró tí ojú kò rí ohunkóhun lára rẹ̀, sísè tàbí yíyan kì í sì í mú un kúrò. Ṣíṣà máa ń dín in kù, kì í pa á run.

Ní ti ọdún tó ń bọ̀, ohun méjì la jọ fẹnu kò sí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ní ohun kan tó ń dín afilatọ́síìnì kù, tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, tí wọ́n ń fọ́n sílẹ̀ oko ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, kílò 10 sí hẹ́kítà kan. Ẹ̀gbọ́n mi yóò béèrè rẹ̀ ní Kàbà kí wọ́n tó gbìn. Èkejì, irúgbìn wọn jẹ́ èyí tí wọ́n ń ṣa láti oko ara wọn. Dípò kí wọ́n dúró dìgbà tí wọ́n bá bó o kí wọ́n tó mú èyí tó tóbi jù, ọmọ wọn yóò rìn láàárín oko nígbà tí háríhá bá ń gbẹ, yóò so okùn pupa mọ́ igi tí háríhá rẹ̀ bo orí dáadáa, yóò sì ya fọ́tò wọn lórí ìdúró. Àárín àwọn wọ̀nyẹn ni a ó ti wá èyí tó kún jù.