Bí mo ṣe mọ̀ pé ọpẹ́ inú àyọkà yẹn kì í ṣe ọpẹ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá ló gbé àkàyé yìí wá bá mi:

«Nígbà tí ìbò ku oṣù mẹ́ta, Olóyè wa tún rántí wa. Wọ́n gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ kan sẹ́yìn ọjà, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn oníròyìn láti wá ya fọ́tò bí wọ́n ṣe ń mu ife omi àkọ́kọ́. Omi náà mọ́ gaara, ó sì ń yọ dáadáa títí di ọjọ́ ìdìbò. Àwa ará àdúgbò dúpẹ́ púpọ̀. Orúkọ wọn tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára táǹkì ṣì hàn kedere títí di òní.»

Ìbéèrè: ojú wo ni òǹkọ̀wé fi ń wo Olóyè? (a) ojú ìmoore (b) ojú ìbínú (d) ojú ẹ̀sín (e) kò sí èyí tó kàn án níbẹ̀.

Ọmọ náà kọ́kọ́ mú (a). “Àǹtí, ẹ wò ó, ó ní àwọn dúpẹ́ púpọ̀.” Nígbà tí mo kàn ń wò ó láìfèsì, ó sáré lọ sí (b), ó ní ṣebí olè ni gbogbo olóṣèlú. Ìyẹn ti kúrò ní ojú òǹkọ̀wé, ojú tirẹ̀ ni.

Mo mú bíírò, mo tún àyọkà náà kọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fi sílẹ̀, mo sì bọ́ aṣọ tí òǹkọ̀wé wọ̀ fún un kúrò: «Nígbà tí ìbò ku oṣù mẹ́ta, Olóyè gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ sẹ́yìn ọjà. Àwọn oníròyìn wá. Omi yọ. Orúkọ Olóyè wà lára táǹkì.» Èyí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. A wá wo àwọn ọ̀rọ̀ tó já bọ́, nítorí inú wọn ni èrò òǹkọ̀wé wà.

Àkọ́kọ́ ni “tún rántí”. “Tún” nìkan kò burú. Bó bá jẹ́ “Olóyè tún fún wa lómi” ló kọ, ìyìn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún rántí ti gbàgbé ná, ẹ̀bá ìbò gan-an ni òǹkọ̀wé sì gbé ìrántí yìí sí.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni “títí di”, tó lò lẹ́ẹ̀mejì. Omi yọ títí di ọjọ́ ìdìbò. Orúkọ hàn títí di òní. Ó fi “ṣì” sí ti ọ̀dà, kò fi sí ti omi. Kò sọ níbì kankan pé omi ti dá, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò ka gbólóhùn méjèèjì yẹn tí kò ní mọ̀. Àárín wọn ló wá ki “dúpẹ́ púpọ̀” bọ̀. Ọpẹ́ kí ni? Bí (a) ṣe ṣubú nìyẹn, (e) náà sì bá a lọ, torí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn kò ní ṣa ọ̀rọ̀ tó báyìí.

Ó ku (b) àti (d), ibẹ̀ ló sì le díẹ̀, torí inú lè máa bí ẹni tó ń fini ṣẹ̀sín. Mo ní kí ọmọ náà wo bí òǹkọ̀wé ṣe ń pe Olóyè. “Wọ́n” ló ń lò látòkè délẹ̀, “Olóyè wa” ló pè wọ́n, kò sì sí èébú kan níbẹ̀. Bí inú bá ń ru ú, à bá rí i kó já “wọ́n” sí “ó” níbì kan, tàbí kó pè é ní ọ̀dàlẹ̀. (Kì í ṣe gbogbo “ó” ni àrífín o, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ń lò ó fún ọba pàápàá. Ibi tó bá ti yí padà láàárín àyọkà kan náà ló yẹ ká fura.) Ó ń dọ̀bálẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ fìlà. (d) ni.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e béèrè ohun tí a lè fà yọ nípa kànga náà. Ọmọ náà fẹ́ kọ pé Olóyè ló ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Mo ní kó fi ìka kan ọ̀rọ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Kò rí i. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́, ó lè jẹ́ epo jẹnẹrétọ̀ ni kò sẹ́ni tó ń rà mọ́. Pé omi kò yọ mọ́ lẹ́yìn ìbò, àyọkà gbé e. Ẹni tó dá a dúró, kò gbé e.

Ohun tó kọ sílẹ̀ níkẹyìn rèé: «Òǹkọ̀wé ń fi Olóyè ṣẹ̀sín. “Tún rántí” fi hàn pé ìbò ló mú Olóyè wá. “Títí di ọjọ́ ìdìbò” àti “ṣì hàn kedere” fi hàn pé orúkọ pẹ́ ju omi lọ.» Ó fẹ́ fi kún un pé Olóyè náà kò nítìjú. Mo ní kó pa ìyẹn rẹ́.