Bí mo ṣe kọ lẹ́tà sí dókítà ẹran nígbà tí ikú òjijì wọ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ mi

Ẹlẹ́dẹ̀ 9 ló ti kú nínú 64 tí mo ní kí n tó jókòó kọ lẹ́tà náà. Mo ti kọ́kọ́ pe dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ wa lórí fóònù, torí irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ìwé. Ohun tó sọ ni pé, "Màmá, mò ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé yẹn ni màá fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wa ní Abẹ́òkúta." Òfin àrùn ẹran ọ̀sìn náà sì fi dandan lé e pé kí ẹni tó bá fura sí irú àrùn bẹ́ẹ̀ láàárín ẹran rẹ̀ fi tó ìjọba létí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà jà ní orílẹ̀-èdè Benin ní 1997, ó sì wọ Nàìjíríà lọ́dún yẹn kan náà. Ní 2020 ó tún jà ní Ọ̀kè-Àró, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ sí jù lọ lẹ́bàá Èkó, ọ̀pọ̀ èèyàn sì pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n ní. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Kì í ran èèyàn, àmọ́ bàtà èèyàn, táyà mọ́tò àti ẹran tútù máa ń gbé e kiri. Síbẹ̀, mi ò kọ orúkọ àrùn kankan sínú lẹ́tà mi bí ẹni tó dá a lójú. Ohun tí mo fojú rí, tí mo fọwọ́ kà, ni mo kọ.

Kí n tó kọ ọ́, mo mú ìwé àkọsílẹ̀ ọgbà, mo rìn yí iyàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ara wọn yá ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo fi àwọn aláìsàn ṣe ìkẹyìn, kí n má baà fi ẹsẹ̀ ara mi gbé àrùn lọ bá àwọn tó kù. Mo ka òkú, mo ka àwọn tí kò jẹun, mo sì fi tẹmọ́mítà sí ìdí mẹ́ta nínú wọn. Ìgbóná ara ẹlẹ́dẹ̀ tí ara rẹ̀ le kì í ju bíi 39 dígírì lọ púpọ̀. Ohun tí mo rí nínú ọ̀kan ni 41.6.

Lẹ́tà náà nìyí. Mo yọ orúkọ àti àdírẹ́sì kúrò:

"Sí Dókítà Ẹran Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ikú òjijì láàárín ẹlẹ́dẹ̀: mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò kíákíá.

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìwé yìí tẹ̀ lé ìpè tí mo pè yín láàárọ̀ yìí. Títí di ọjọ́ Ajé, ẹlẹ́dẹ̀ 64 ni mo ní nínú iyàrá 6. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí, 9 ti kú, ó ku 55.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni abo kan ní iyàrá 3 kò jẹun tán. Ó kú kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́. Ọjọ́rú, 3 kú ní iyàrá 3. Ọjọ́bọ̀, 1 kú ní iyàrá 3, 2 ní iyàrá 4, oyún sì bọ́ lára abo kan ní iyàrá 4. Láàárọ̀ yìí, 2 kú ní iyàrá 4. Àwọn 7 mìíràn nínú iyàrá méjèèjì kò jẹun. Iyàrá 1, 2, 5 àti 6 ṣì ń jẹun dáadáa.

Àwọn aláìsàn ń kó jọ sórí ara wọn bí ẹni tí òtútù ń mú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn kò dúró dáadáa, etí àti abẹ́ ikùn wọn pọ́n títí ó fi ń di àwọ̀ àlùkò. Méjì ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde nímú òkú kan, ó sì dì. Mi ò rí àmì onígun mẹ́rin lára ìkankan. Ìgbóná ara mẹ́ta tí mo wọ̀n láàárọ̀ yìí ni 40.9, 41.3 àti 41.6.

Èèpo pákí gbígbẹ, èérí àgbàdo àti èérún èkùrọ́ ni gbogbo wọn ń jẹ, láti inú àdàlù kan náà. A kì í fún wọn ní àjẹkù búkà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo gún gbogbo iyàrá 3 ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì, kò sì sí ìyípadà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra abo kékeré méjì lọ́jà, wọ́n wà ní iyàrá 3. Lẹ́yìn náà, oníbàárà kan tó ń ra ẹlẹ́dẹ̀ kiri oko wọ iyàrá 3 àti 4, ó sì lọ láìra nǹkan kan.

A kò la òkú kankan, a kò tà, a kò jẹ. Gbogbo wọn wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìn ọgbà, a sì ti so ajá mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kankan kò tíì jáde láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta mìíràn wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú wa.

Mò ń bẹ̀ yín kí ẹ wá wò wọ́n, kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sọ bí a ó ṣe sin òkú fún wa, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn aládùúgbò wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà tí ẹ bá dé, a ó gbé omi apakòkòrò wá fún ẹsẹ̀ yín."

Ibi tí mo fi àkókò sí jù ni ìpínrọ̀ tí ó to ikú lẹ́sẹẹsẹ ní iyàrá sí iyàrá. Tí mo bá kọ pé ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́sàn-án kú, dókítà kò ní mọ̀ bóyá májèlé ni tàbí àrùn tó ń ràn. Tó bá jẹ́ májèlé inú oúnjẹ ni, gbogbo iyàrá tó jẹ àdàlù kan náà ni ìbá ṣàìsàn pọ̀. Èyí bẹ̀rẹ̀ ní iyàrá 3, ó wá wọ 4, ojú gọ́tà iyàrá 3 sì ṣàn gba inú iyàrá 4 kọjá. Ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹran kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì ló máa ń rìn báyẹn.

Ọ̀rọ̀ pẹnisílíìnì náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Àrùn kan wà tó máa ń pa ẹlẹ́dẹ̀ lójijì, tó sì máa ń yọ àmì pupa onígun mẹ́rin sára. Pẹnisílíìnì máa ń kápá rẹ̀ kíákíá. Nígbà tí mo kọ pé mi ò rí àmì náà, abẹ́rẹ́ náà kò sì ṣiṣẹ́, dókítà ti lè fi àrùn yẹn sẹ́yìn díẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ tó dì ńkọ́? Ántíráàsì ni mo ń rò. Òkú tí ántíráàsì pa sábà máa ń tú ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì, àrùn náà sì ń pa èèyàn. Ó jáde ní ìpínlẹ̀ Niger ní 2023. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ gbangba pé a kò la ìkankan. Àgbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ kan òkú ẹran tó kú lójijì kí dókítà tó dé, ì báà wù ú kó rí inú rẹ̀ tó.

Mo padà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn nítorí pé ibà yìí lè wà lára ẹlẹ́dẹ̀ láti bíi ọjọ́ mẹ́rin títí dé mọ́kàndínlógún kó tó fara hàn. Mi ò fi ẹ̀sùn kan oníbàárà náà, mi ò sì dá ọjà lẹ́bi. Mo kàn kọ ẹni tó wọlé àti ohun tó wọlé, kí dókítà lè mọ oko tí yóò yẹ̀ wò lẹ́yìn tèmi.

Bí mo ṣe fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Èmi tí mo ti wọ iyàrá 3 kò gbọ́dọ̀ máa wọ ọ́fíìsì tí àwọn olọ́sìn mìíràn ń wọ̀. Mo ya fọ́tò ìwé náà, fọ́tò etí àti ikùn òkú méjì sì tẹ̀ lé e, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé láàárín ìlú, tí kò dé oko láti oṣù tó kọjá, ló tẹ̀ ẹ́ jáde, tó mú un lọ, tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi.

Dókítà dé lọ́jọ́ kejì. Ó fi mọ́tò sílẹ̀ lójú títì, ó wọ aṣọ iṣẹ́ àti bàtà òjò tuntun, ó sì gbé kúlà oníyìnyín dání. Ó ní lẹ́tà náà ló jẹ́ kóun mọ ohun tí òun máa kó wá. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn àwọn aláìsàn sínú ìgò kékeré olómọrí àlùkò, èyí tó ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lẹ́yìn tó yẹ òkú wò dáadáa, ó la ọ̀kan lẹ́bàá kòtò tí a gbẹ́. Ẹ̀yà ara pẹlẹbẹ tó gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpòlúkù, tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ti wú kọjá ààlà, ó dúdú bí ẹ̀dọ̀ tó jóná, bó sì ṣe fọwọ́ kàn án ló ń fọ́. Ó gé díẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn kókó ara tó kún fún ẹ̀jẹ̀. Ó tò wọ́n sórí yìnyín láìjẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ inú ìgò di yìnyín, torí pé dídi yìnyín ń ba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́. Ilé ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, lẹ́bàá Jos, ni wọ́n kó o lọ.

Kí èsì tó dé, àìsàn náà ti wọ iyàrá 2. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n rí. A pa àwọn tó kù, a sì sin gbogbo wọn sínú kòtò tó jìn ju mítà méjì lọ, tó jìnnà sí kànga. Dókítà dúró tì wá títí a fi bo ilẹ̀ náà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, àwọn abo kan nínú wọn ti bímọ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà.

A kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ gbogbo iyàrá títí ìgbẹ́ fi kúrò lára símẹ́ǹtì, torí pé apakòkòrò kì í ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ni a da omi kọ́sítíkì sódà sí i pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́. A sun bùrọ́ọ̀ṣì àti àwọn pákó tí a kò lè fọ̀.

Dókítà ní kí iyàrá ṣófo fún ogójì ọjọ́, ó kéré tán. Nígbà tó pé, mo kọ lẹ́tà kejì, èyí tó kúrú gan-an: ọjọ́ tí a fọ iyàrá kọ̀ọ̀kan, ohun tí a fi fọ̀ ọ́, ibi tí a sin òkú sí, ipò tí ọgbà tó yí wa ká wà, àti ẹ̀bẹ̀ kí wọ́n wá wò ó kí n tó ra ẹran tuntun. Wọ́n wá, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin sínú iyàrá 3 àti 4, kí n máa wọn ìgbóná ara wọn lárààárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí àwọn sì padà wá gba ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn náà kí n tó ra ìyókù.