Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: dída ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n kọ ENERGY CONSERVING sí sínú alùpùpù

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé alùpùpù ẹ̀ wá, ó ní ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ kú. Mo gùn ún jáde, jíà kìíní àti ìkejì ò ní wàhálà rárá, àfìgbà tá a dé jíà karùn-ún tí mo fún un níná lójijì, aago ẹ́ńjìnnì fò láti 5000 dé 7000 ṣùgbọ́n eré wa ò kúrò lójú kan, ariwo lásán ló ń pa. Klọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀. Mo ní kó gbé agolo ọ́ìlì tó dà sí i wá, 5W-30 ti mọ́tò ni, nísàlẹ̀ àmì róbótó API, wọ́n kọ ENERGY CONSERVING síbẹ̀.

Ọ́ìlì yẹn ò burú o, mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún. Klọ́ọ̀ṣì mọ́tò tó ń lo jíà ọwọ́ sábà máa ń wà ní gbígbẹ, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í kàn án. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù, ọ́ìlì kan náà ló ń bá ẹ́ńjìnnì, jíà àti klọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́. Wọ́n to àwọn pléètì léra wọn, ọ̀kan onírin, ọ̀kan tó ní ohun tó ń di nǹkan mú lára, sípíríìnì wá ń tẹ̀ wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè jọ yí. Ọ́ìlì tó ń dín epo bẹntiróòlù kù sì máa ń ní kẹ́míkà tó ń lẹ̀ mọ́ ara nǹkan kí wọ́n má baà gbo ara wọn, mọlibdínọ́ọ̀mù wà lára irú ẹ̀. Gbígbo yẹn gan-an sì ni klọ́ọ̀ṣì fi ń di ara ẹ̀ mú! Sípíríìnì ò rọ̀, pléètì ló ń yọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, jíà tó ga lẹ ó ti kọ́kọ́ rí i torí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń fi gbogbo agbára tì í tí ọkọ̀ ò sì tètè sáré.

Ẹ má sáré lọ ra pléètì o. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá lífà klọ́ọ̀ṣì ṣì ní àyè díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn. Tiẹ̀ ní, nítorí náà a ro ọ́ìlì yẹn dànù, a pààrọ̀ fílítà, a da 10W-40 tó ní JASO MA2, àmì tó ń fi hàn pé ọ́ìlì bá klọ́ọ̀ṣì tó ń wà nínú ọ́ìlì mu, sí i bí ìwé ọkọ̀ ṣe sọ, ó gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan, ó dín kù, a tún ro ó lẹ́ẹ̀kan sí i torí ti àkọ́kọ́ ṣì kù lára pléètì, ni ìyọ̀ náà bá tán.

JASO MA tàbí MA2 ni kẹ́ ẹ máa wá lára agolo, kì í ṣe nọ́ḿbà nìkan, torí ọ́ìlì mọ́tò kan lè má ní ENERGY CONSERVING lára kó má sì tíì bá klọ́ọ̀ṣì yín mu. MB ńkọ́? Ti sukútà tí klọ́ọ̀ṣì ẹ̀ gbẹ nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì ń gùn ún lọ bó ṣe ń yọ̀ yẹn, ooru á jó pléètì, tẹ́ ẹ bá tú u tẹ́ ẹ rí i pé èyí tó jẹ́ irin ti yí sí búlúù, ọ́ìlì ò lè tún un ṣe mọ́, pléètì tuntun ló kù.