Bí ojú tánkì ìsilẹ̀ ṣe yẹ kó fẹ̀ tó: ìtọ́sọ́nà fún ilé àti oko tó ń fa omi odò n'Ibàdàn

Tánkì ìsilẹ̀ ni omi odò tí a ti po álọ́ọ̀mù mọ́ ń gbà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ìdọ̀tí tó ti ṣù pọ̀ lè silẹ̀, kí omi tó tòrò sì gba òkè jáde lọ sí fílítà. Bíríkìlà tẹ́ ẹ bá pè yóò kọ́kọ́ bi yín bó ṣe máa jìn tó. Ìbéèrè náà dáa, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Fífẹ̀ ojú tánkì, ìyẹn gígùn rẹ̀ lọ́nà ìbú rẹ̀, ló ń pinnu bóyá omi á tòrò.

Ẹ wo ìṣùpọ̀ ìdọ̀tí kan tó wọ tánkì láti òkè pátápátá. Ó gbọ́dọ̀ délẹ̀ kí omi tó gbé e dé ẹnu àbájáde. Tí ẹ bá gbẹ́ tánkì jìn ní ìlọ́po méjì, omi á pẹ́ nínú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà tí ìdọ̀tí máa já bọ́ náà ti gùn ní ìlọ́po méjì. Kò sí èrè níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú tánkì lẹ fẹ̀, omi á pẹ́ sí i, ọ̀nà ìdọ̀tí kò sì ní gùn sí i.

Nítorí náà, ẹ mú iye omi tó ń wọlé ní wákàtí kan, kí ẹ fi fífẹ̀ ojú tánkì pín in. Ohun tó bá jáde là ń pè ní ẹrù ojú tánkì, mítà ní wákàtí la sì fi ń kà á. Ìdọ̀tí tó ń silẹ̀ kíákíá ju ẹrù yìí lọ kò ní bọ́ lọ́wọ́ tánkì. Èyí tó lọ́ra jù ú lọ, apá kan rẹ̀ á bá omi jáde.

Omi tí ẹ máa lò nínú ìṣirò yìí ni omi tí pọ́ǹpù ń tì nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ká ní àwọn ilé kan àti oko ẹja wọn létí odò kan tó ń ṣàn sínú odò Ọ̀nà ń lo 24,000 lítà lójúmọ́. Ẹni tó fi wákàtí 24 pín in á ní 1,000 lítà ni lówákàtí. Ṣùgbọ́n ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí 24? Tó bá jẹ́ wákàtí 8 ni pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, 3,000 lítà ló ń wọ tánkì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mítà kúbíìkì 3. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù gbọ́. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù 200 lítà sẹ́nu páìpù, kí ẹ ka àkókò. Tó bá kún ní ìṣẹ́jú 4, iye tí a wí yẹn náà nìyẹn.

Ó kù kí a mọ bí ìdọ̀tí ṣe ń yára silẹ̀. Omi tí òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, tó pọ́n bí ilẹ̀ pupa, ni kí ẹ fi dánwò. Omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á tàn yín. Ẹ wá ike omi ńlá tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹ bu omi odò lítà 15 sí i. Ẹ yọ́ álọ́ọ̀mù gíráàmù 10 sínú omi mímọ́ lítà 1. Mílílítà kan nínú rẹ̀ gbé mílígíráàmù 10. Ẹ fi síríńjì fa mílílítà 45, kí ẹ dà á sínú ike: mílígíráàmù 30 fún lítà kan nìyẹn. Ẹ rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà kí ẹ máa rò ó pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ ó rí i tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ní wóro-wóro bí ìdọ̀tí ṣe ń ṣù. Tí kò bá ṣù, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú omi mìíràn, kí ẹ fi mílígíráàmù 20, 40 tàbí 60 fún lítà kan dánwò, kí ẹ mú èyí tó ṣù dáa jù.

Kí ẹ ti kọ́kọ́ fa ìlà méjì sára ike, níbi tí ara rẹ̀ ti gún régé, kí àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Nígbà tí omi bá dúró, ẹ má wo àwọn ìṣùpọ̀ ńláńlá tó sáré lọ sísàlẹ̀. Àwọn kéékèèké tó ń rìn bí ìgbín ni kí ẹ fojú bá lọ láti ìlà òkè dé ìlà ìsàlẹ̀. Ká ní wọ́n lo ìṣẹ́jú 8, mítà 1.5 ní wákàtí kan nìyẹn. Inú ike parọ́rọ́ ju inú tánkì lọ, torí náà ẹ fi 1.5 pín in. Mítà 1 ní wákàtí kan ló kù tí a máa fi kọ́ tánkì. Nínú ìṣirò yìí, A ni fífẹ̀ ojú tánkì, Q ni omi tó ń wọlé ní wákàtí kan, v sì ni ìyára ìsilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí:

```
A = Q ÷ v
A = 3 ÷ 1 = 3 m²
```

Ojú tánkì gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 3: ìbú mítà 1, gígùn mítà 3. Ẹ fi ìdajì mítà kún un níwájú fún ibi tí omi ń gbà wọlé, àti ìdajì mítà lẹ́yìn fún àbájáde. Inú tánkì á wá gùn ní mítà 4 lápapọ̀.

Ẹni tó fi wákàtí 24 pín omi ńkọ́? Mítà onígun mẹ́rin 1 péré ni yóò kọ́. Bí pọ́ǹpù bá ti tàn, ẹrù ojú tánkì rẹ̀ di mítà 3 ní wákàtí kan. Àwọn ìṣùpọ̀ kéékèèké tó ń silẹ̀ ní 1.5 yẹn, ìdajì wọn ló máa lọ dí fílítà. Fílítà ni yóò máa bá jà, yóò máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, nígbà tó jẹ́ tánkì ló kéré.

Jíjìn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí omi má baà ru ohun tó ti silẹ̀ sókè, kí ẹrẹ̀ sì rí ibi dúró sí. Omi mítà 2 tó; ó máa fún un ní wákàtí 2 nínú ibi ìsilẹ̀. Ẹ fi ìdajì mítà kún un nísàlẹ̀ fún ẹrẹ̀, àti sẹ̀ǹtímítà 30 lókè kí omi má baà kún àkúnya. Kí ilẹ̀ rẹ̀ dagun síhà àbáwọlé, níbi tí fáàfù ẹrẹ̀ máa wà.

Ìṣirò tó tọ̀nà kò ní ran tánkì tí omi ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú nínú rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ mọ ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ kan síbi ìdajì mítà àkọ́kọ́, kí ẹ lu ihò 17 tí ẹnu wọn fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí i, kí wọ́n tàn káàkiri ògiri náà. Ihò tó kéré ju bẹ́ẹ̀ á mú omi sáré, á sì fọ́ ìṣùpọ̀ tí álọ́ọ̀mù ti ṣe.

Lẹ́yìn, omi á máa ṣàn kọjá lórí etí ògiri mítà 1 sínú gọ́tà. Bí omi ṣe nípọn tó lórí etí yẹn kò ju nǹkan bíi mílímítà 6 lọ. Tí etí náà bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 péré dagun, ẹ̀gbẹ́ kan á gbẹ, gbogbo omi á wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a ó sì máa rí ìdọ̀tí tó ń gòkè níbẹ̀ nìkan. Ẹ má fi símẹ́ńtì ṣe é. Páànù irin tí ihò bóòtù rẹ̀ gùn, tí a lè sún sókè sún sílẹ̀, ló dáa, kí bíríkìlà fi rọ́bà olómi wò ó bó ṣe dọ́gba.

Tí ẹ bá rí omi tó ń hó díẹ̀díẹ̀ àti ègé ẹrẹ̀ dúdú tó ń léfòó, kì í ṣe pé tánkì kéré. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ti ń jẹrà; ẹ ṣí fáàfù dà á nù. Ẹni tó bá sì ní òun kò ní lo álọ́ọ̀mù rárá, kó mọ̀ pé erùpẹ̀ amọ̀ tó kúná lè máà silẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ ní wákàtí kan. Fún mítà kúbíìkì 3 wa yìí, ojú tánkì rẹ̀ á di mítà onígun mẹ́rin 300.