Ẹ má fi ẹwà ẹlòmíràn yan irun: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi àwòrán irun mẹ́ta wéra

Ọmọbìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, nínú mẹ́ta yìí, èwo ló máa bá ojú mi mu?"

Àwòrán àkọ́kọ́ jẹ́ ṣùkú gíga, gbogbo ìlà irun náà gun orí lọ pàdé ní àtàrí. Èkejì jẹ́ bíbà wẹ́wẹ́ tó gùn dé ìbàdí, wọ́n sì là á ní àárín gbùngbùn. Ẹ̀kẹta jẹ́ irun tí wọn kò fi nǹkan kan kún, wọ́n lọ́ ọ, wọ́n tú u, ó fẹ̀ yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ká, ó sì dúró ní àgbọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ìlà rẹ̀ wà. Ṣùkú ni ọkàn rẹ̀ fẹ́. Nígbà tí a fi parí, kò sí èyí tí a ṣe bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀nà tí a gbà débẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí àwọn àṣìṣe tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì wá lọ́nà lọ́jọ́ náà kò ṣàjèjì sí mi rárá.

Ẹ má fi ẹni tó wà nínú àwòrán yan irun

Mo bi í pé kí ló fẹ́ràn nínú ṣùkú náà. Ó ní, "Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe jáde." Òótọ́ ni, ojú ọmọge yẹn jáde. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ gùn, wọ́n kun ojú rẹ̀ dáadáa, yẹtí ńlá wà létí rẹ̀, iná sì tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá fá orí rẹ̀ kodoro, yóò ṣì rẹwà. Ẹwà tirẹ̀ ni a ń wò, a rò pé irun ni.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Mo máa ń fẹ àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú fóònù títí ojú àwọn tó wà nínú wọn yóò fi gùn bákan náà, láti ibi tí irun iwájú ti bẹ̀rẹ̀ dé àgbọ̀n. Àtàǹpàkò mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, màá fi pépà kékeré bo ojú náà, kó lè jẹ́ irun nìkan ló kù. Nígbà náà ni màá wá béèrè ohun méjì: níbo ni irun yìí ti ga jù, níbo ló sì ti fẹ̀ jù?

Bí mo ti bo ojú ọmọge inú àwòrán ṣùkú, ohun tó hàn ni pé gbogbo gíga irun náà wà lókè orí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Irun bẹ́ẹ̀ ń fi kún gígùn ojú. Bíbà yẹn sọ̀ kalẹ̀ tààrà lọ́tùn-ún lósì bí aṣọ fèrèsé, ìlà àárín orí sì tún fa ojú gùn sí i. Ẹ̀kẹta nìkan ni kò ga lókè, ibi tó sì ti fẹ̀ jù ni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Irun bẹ́ẹ̀ ń fi kún ìbú ojú.

Ó tún yẹ kí ẹ wo ibi tí ayàwòrán dúró sí. Bí wọ́n bá ya ọ̀kan láti iwájú, tí wọ́n ya èkejì láti ẹ̀gbẹ́, kò tíì sí bí ẹ ṣe fẹ́ fi wọ́n wéra. Láti ọdún 1968 ni ayàwòrán 'Okhai Ojeikere ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà. Àwòrán náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan, ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ló sì ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, èèyàn lè fi ìka tọ ìlà orí kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ń kọ́ onídìrí bí wọ́n ṣe ṣe irun náà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ irú ojú tó yẹ. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú gbogbo àwòrán irun, ìrísí rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí dání, a máa padà sí i.

Ẹ má gba fọ́tò tí ẹ fọwọ́ ara yín yà gbọ́

Ọmọ náà sọ fún mi pé ojú òun fẹ̀ lókè, ó sì mú nísàlẹ̀. Ó fi fọ́tò hàn mí, bẹ́ẹ̀ ló rí nínú rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ó gbé ọwọ́ sókè kó tó ya á, fóònù sì wà nítòsí orí. Bí fóònù bá ga ju ojú lọ, iwájú orí á tóbi, àgbọ̀n á kéré. Bó bá sún mọ́ni jù, àárín ojú á yọ síta, etí á sá sẹ́yìn. Ní ọdún 2018, àwọn oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé fọ́tò tí a yà láti íǹṣì 12 lè mú kí imú dà bí ẹni pé ó fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ ju bó ṣe máa rí láti ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ.

Nítorí náà, mo ní kó kó irun rẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ iṣẹ́ mi dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí i, ó gbé fóònù sí déédéé ojú rẹ̀, ó sì yà á. Mo tún fi rúlà wọn ojú rẹ̀. Téèpù télọ̀ kò dára fún èyí, nítorí yóò tẹ̀ lé imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò sì bù kún ìwọ̀n náà. Láti etí irun iwájú dé àgbọ̀n jẹ́ íǹṣì 8. Iwájú orí, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti párì rẹ̀ kò yàtọ̀ síra púpọ̀, èyí tó fẹ̀ jù nínú wọn jẹ́ íǹṣì 5. Bí gígùn bá ti ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìbú lọ, ojú gígùn ni mo ń pè é. Ojú rẹ̀ kò mú nísàlẹ̀ rárá.

Ojú gígùn kì í ṣe àbùkù o. Bí ẹni tó ni ín bá fẹ́ kó hàn, kó di ṣùkú, kó gbé e ga dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun kò fẹ́ kí ojú òun gùn ju báyìí lọ nínú fọ́tò ìgbéyàwó náà. Ní ti ojú, ẹ̀kẹta ló yẹ ẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ojú dájọ́ kí irun tó sọ tirẹ̀

Ibí ni wàhálà pọ̀ sí jù. Èèyàn á mọ irú ojú tó ní, á yan àwòrán, á jókòó, onídìrí á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá irun orí náà lè gbé e. Ojú lè fara mọ́ irun tí kò yẹ ẹ́, ó kàn máa rí bó ṣe rí ni. Irun kò rí bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá fipá mú un, yóò já, tàbí kó tú kí ọjọ́ tó lọ.

Àwọn èèyàn máa ń pe irun tí fọ́nrán rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ní irun tí kò pọ̀, ọ̀kan kọ́ ni méjèèjì. Ẹ fa fọ́nrán kan ṣoṣo láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Bí ẹ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ wo orí láì là á: bí awọ orí kò bá hàn, irun náà pọ̀. Ti ọmọ yìí pọ̀, ó kì, ṣùgbọ́n fọ́nrán rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tún ti ń fọ́n ní ẹ̀bátí méjèèjì, níbi tí irun ti máa ń kọ́kọ́ lọ bí wọ́n bá ń fà á jù. Ṣùkú gíga ń fa etí irun sókè yíká orí, títí kan ẹ̀bátí yẹn. Bíbà tó dé ìbàdí kò fà á sókè, ṣùgbọ́n ìwúwo àtáṣímẹ́ǹtì ń wọ́ ọ sísàlẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí orí bá ń dunni lẹ́yìn irun ṣíṣe, tí róró wẹ́wẹ́ sú sí etí irun, ẹ tú u lọ́jọ́ náà. Bí ó bá pẹ́ jù, irun tó lọ níbẹ̀ lè má hù mọ́.

Báwo wá ni ti ẹ̀kẹta, tí wọn kò fi nǹkan kan kún? Mo fọ ìdì irun kékeré kan lẹ́yìn orí rẹ̀ láì fi ìpara kankan sí i, mo jẹ́ kó gbẹ. Nígbà tí mo fà á gùn, ó jẹ́ íǹṣì 7. Bí mo ti fi í sílẹ̀, ó súnkì dé íǹṣì 3. Irun tó máa ti àárín orí sọ̀ dé àgbọ̀n, lẹ́yìn tó bá ti súnkì tán, gbọ́dọ̀ gùn ju íǹṣì 7 lọ dáadáa. Bí mo bá lọ́ irun rẹ̀ tí mo sì tú u, etí ni yóò dúró sí, yóò sì yọ róbótó lókè orí. Ìyẹn á tún sọ ojú di gígùn, òdìkejì ohun tó wà nínú àwòrán. Ẹ tún wo irun inú àwòrán náà: ìṣẹ́po rẹ̀ tóbi, ó ń dán. Ti ọmọ yìí kéré, ó sì ṣù mọ́ra. Ìpara kò lè sọ ọ̀kan di èkejì.

Ẹ má kó àwòrán pọ̀ láìmọ ohun tí ẹ ń mú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan

Àwọn kan á ní kí n ṣe iwájú ti àkọ́kọ́, kí n fi ẹ̀yìn ti ìkẹta sí i. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń pa á pọ̀, orí kì í ṣe aṣọ tí a ń gé ní ègé-ègé rán pọ̀. Ìrísí ni kí ẹ mú nínú ọ̀kan, kí ẹ mú iṣẹ́ ọwọ́ nínú òmíràn.

Ìrísí ẹ̀kẹta ni a mú: kó má ga lókè, kó fẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó dúró ní àgbọ̀n. Iṣẹ́ ọwọ́ èkejì ni a fi ṣe é, bíbà, ṣùgbọ́n mi ò so kókó sí ìdí rẹ̀. Irun tirẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo wá ń fi àtáṣímẹ́ǹtì kún un díẹ̀díẹ̀ bí mo ti ń lọ. Nítorí pé ó kúrú, kò wúwo. Mo là á ní íǹṣì méjì sí àárín orí, kí iwájú orí má bàa hàn tán. Ní ẹ̀bátí, mi ò fọwọ́ kan irun tó ti fọ́n yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó dìde, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀bátí rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, kò dùn mí rárá o." Ó ṣì ń béèrè ṣùkú. Mo sọ fún un pé kó tú bíbà náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó sinmi. A ti ya ẹ̀bátí rẹ̀ méjèèjì láti ẹsẹ̀ bàtà kan. Bó bá padà wá, a máa yà á láti ibi kan náà, a máa fi wé ti tẹ́lẹ̀. Bí irun ibẹ̀ bá ti hù, màá di ṣùkú fún un, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àtàrí, sápá ẹ̀yìn, ni màá ti kó o jọ, màá sì dì í nípọn, láì fà á le.