Bí a ṣe ń fi ẹ̀dá ìtàn kan polówó ìpápánu ní apá-apá

Ní 1987, àwọn tó ń ta kọfí Gold Blend nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìpolówó kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin kan ní àlejò nílé, kọfí tan, ó bá lọ kan ilẹ̀kùn ọkùnrin aládùúgbò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Apá 12 ni wọ́n fi sọ ọ́, kò sì parí títí di 1993. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni pé kọfí ló mú wọn pàdé. Ẹ yọ kọfí kúrò, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ má tíì wá òṣèré. Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ìpápánu yín, kí ẹ jẹ ẹ́ dáadáa, kí ẹ wá ohun kan tó máa ń ṣe. Ṣé ó máa ń ró lẹ́nu? Ṣé ó máa ń kun ìka? Ṣé ẹyọ kan máa ń ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ọ̀rá tí gbogbo èèyàn ń du? Ẹyọ ohun kan péré lẹ máa mú. “Ó dùn” kò sí lára ohun tí mò ń wí, torí kò sí ìpápánu tí kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní bisikíìtì kan ni tiwa, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá gé e jẹ, wómú! ló máa dún, ará yàrá kejì á gbọ́. Ìbéèrè tó kàn ni pé: ta ni ariwo yìí máa kó bá jù lọ láyé? Mo rò ó títí, mo mú obìnrin tó ń bójú tó ilé ìkàwé. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ “Ẹ DÁKẸ́” sára ògiri. Àwọn tó ń kàwé níbẹ̀ ń pè é ní Màmá Ẹ-Dákẹ́. Bisikíìtì yìí ló sì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, kò lè ṣe kó má jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ti rí ẹ̀dá ìtàn wa: ó ní ohun tó ń wù ú, ó sì ní òfin tirẹ̀ tó ń dí i lọ́wọ́. Ẹ má tún kó ìwà míì lé e lórí. Ìṣẹ́jú àáyá 20 tí apá kọ̀ọ̀kan ní kò gba èèyàn tó ní ìwà mẹ́ta.

Àgbàlagbà ni mo mọ̀ọ́mọ̀ mú. Òfin ti ń le lórí fífi ẹ̀dá ìtàn fa ojú ọmọdé mọ́ra. Ní Quebec nílẹ̀ Kánádà, láti 1980 ni wọn ò ti gbà kí èèyàn máa polówó ọjà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Ní Chile, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016 ní kí àwòrán irú ẹ̀dá ìtàn bẹ́ẹ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n di oúnjẹ sí, bí ṣúgà, iyọ̀ tàbí ọ̀rá inú oúnjẹ náà bá ti pọ̀ jù.

Kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ dán an wò: ẹ fi ọṣẹ tàbí bàtà rọ́pò ìpápánu nínú ìtàn náà. Bí ìtàn bá ṣì dúró, ẹ dà á nù. Mo mọ ohun tí mò ń wí. Ìgbà kan wà tí a ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan, a mú awakọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ dùn, ó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, á wá gbé bisikíìtì sókè nígbà tí eré bá fẹ́ parí. Àwọn èèyàn ń sín ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ kiri ìgboro. Nígbà tí a wá bi wọ́n léèrè ọjà tó ń polówó, orúkọ ẹni tí a jọ ń du oníbàárà ni ọ̀pọ̀ wọn dá! Owó wa la fi ń bá ẹlòmíì tajà.

Ó wá ku kíkọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ojú Màmá, àkọlé ara ògiri àti ọ̀rá bisikíìtì ti hàn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìṣẹ́jú àáyá kẹta dé ìkejìlá, ó ń dọ́gbọ́n. Ní apá kìíní, ó wò ọ̀tún, ó wò òsì, ó rọra ya ẹnu ọ̀rá bí ẹni tó ń tú ìdì ọmọ tó ti sùn. Ní ìṣẹ́jú àáyá kejìlá, wómú! Gbogbo orí inú ilé ìkàwé gbé sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá fajú ro, ó kọjú sí bàbá kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ó ní: “Ta ló ń pariwo yẹn?” Gbólóhùn yìí ló máa ń kádìí gbogbo apá, a kì í yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Èérún bisikíìtì ṣì wà létè rẹ̀, ọ̀rá sì wà níwájú kámẹ́rà.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń wo fídíò lórí fóònù láìṣí ohùn, bẹ́ẹ̀ ariwo ni gbogbo ẹ̀fẹ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí àwọn orí fi gbọ́dọ̀ gbé sókè: ẹni tí kò gbọ́ wómú á rí i.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá apá kẹrin pàdé gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín láì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó sì ti ń bá a bọ̀ gbọ́dọ̀ rí nǹkan díẹ̀ tó ti yí padà. Ẹ jẹ́ kí ìyípadà yẹn kéré. Tiwa ni ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀. Ní apá kejì, Màmá wúkọ́ láti bo ariwo mọ́lẹ̀, ọmọ náà sì wò ó. Ní apá kẹta, òun ló bá a wúkọ́. Ní apá kẹrin, kò sọ nǹkan kan, ó kàn na ọwọ́. Màmá fún un ní ẹyọ kan, àwọn méjèèjì wá di bisikíìtì mú sẹ́nu, wọ́n ń retí kí ọkọ̀ ńlá kan kọjá lóde.

Ẹ ya mẹ́rin yìí pọ̀ lọ́jọ́ kan tàbí méjì, aṣọ kan náà, tábìlì kan náà. Ẹ máa gbé ẹyọ kan jáde lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má tíì ya ìkarùn-ún àti ìkẹfà o. Ẹ ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ fídíò ná, ó lè jẹ́ bàbá aláìṣẹ̀ apá kìíní ni wọ́n ń béèrè. Kí ẹ sì ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé òṣèré náà kò ní polówó ìpápánu míì títí àkókò kan.

Ẹ má retí pé ẹni tó fẹ́ràn Màmá kò ní ra tẹlòmíì mọ́. Andrew Ehrenberg, onímọ̀ nípa ọjà títà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí èèyàn ṣe ń rajà, ó sì rí i pé ọjà bíi mélòó kan ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń rà kiri. Ohun tí ẹ ń wá ni pé, tó bá dé iwájú pẹpẹ, tiyín ni kó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Iye ẹni tó wo fídíò kò lè sọ ìyẹn fún yín. Lẹ́yìn apá kẹta, ẹ fi àwòrán Màmá han ogún èèyàn tí ẹ ò mọ̀ rí, kí ẹ bo ọ̀rá mọ́lẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé kí ló wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá dáhùn pé “bisikíìtì”, tí wọn ò dárúkọ, ẹ padà sínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ gbé ọ̀rá sún mọ́ kámẹ́rà, kí apá tó kàn tó jáde.